Mo yọ gbogbo “ẹ wò ó” kúrò nínú ètò wa, síbẹ̀ iṣẹ́ ń bàjẹ́ mọ́ àwọn tó ń gbọ́ ohùn nìkan lọ́wọ́

Ọ̀rẹ́ Kẹ̀kẹ́ (ẹni tó béèrè)

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí láti bí ọjọ́ mẹ́rin, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àti ẹnì kejì mi jọ ń ṣe ètò kékeré kan tí a fi ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè fúnra wọn tún kẹ̀kẹ́ ológeere wọn ṣe. Fídíò nìkan ni a ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn kan sọ pé àwọn fẹ́ máa gbọ́ ọ nígbà tí ọwọ́ àti ojú wọn bá wà lẹ́nu iṣẹ́, a pinnu pé ìwé ọ̀rọ̀ kan náà ni a ó lò fún méjèèjì, a ó kàn yọ àwọn ìlà tó so mọ́ àwòrán kúrò nínú èyí tó jẹ́ ohùn nìkan.

Èmi ni mo ṣe iṣẹ́ yíyọ náà, òru méjì gbáko ni mo sì fi ṣe é. Ẹnì kejì mi kò fi ọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní òun ti ya àwòrán, iṣẹ́ òun ti parí. Ìlà 31 ni mo yọ nínú ètò tí a fi kọ́ni bí a ṣe ń lẹ túùbù tó jò, ètò tó jẹ́ ìṣẹ́jú 11 sì di ìṣẹ́jú 8 àti ààbọ̀. Kò sí “ẹ wò ó” níbẹ̀ mọ́, kò sí “bí ẹ ti ń rí i”. Síbẹ̀ ẹni mẹ́ta ti kọ̀wé pé àwọn tẹ̀lé ohun tí a sọ, àlẹ̀mọ́ náà sì ṣí. Ẹnì kẹrin ní tòun kò ṣí, ṣùgbọ́n táyà náà tún jò lọ́jọ́ kejì. Ẹnì kejì mi wá ń tẹnu mọ́ ọn pé òun ti sọ pé kí a má ṣe ti ohùn. Níbo ni mo ti ṣìṣe?

Ìyá Ìbejì

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ètò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni tèmi, àlejò mẹ́rin ni mo sì pè. Orúkọ wọn àti iṣẹ́ wọn máa ń hàn lábẹ́ àwòrán, nítorí náà kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn lẹ́nu. Nígbà tí mo gbé ohùn nìkan jáde, ohùn ọkùnrin mẹ́rin ni àwọn ènìyàn gbọ́, wọn kò sì mọ ẹni tó jẹ́ dókítà nínú wọn àti ẹni tó jẹ́ aláìsàn. Bóyá tìrẹ náà rí bẹ́ẹ̀: ṣé o dárúkọ ara rẹ?

Agékúrú

Ọ̀rọ̀ orúkọ kọ́ nìyí, Mà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó kù síbẹ̀ ohun tí o kò tíì yọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti yẹ kí a kọ ìwé ọ̀rọ̀ fún etí, kí a gba ohùn sílẹ̀ tán, kí a tó wá àwòrán tí yóò bá a lọ. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní í ní ohunkóhun láti yọ.

Bàbá Rédíò

Kí a tó dá a lẹ́bi, ó yẹ kí a rí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rẹ́ Kẹ̀kẹ́, o sọ iye òru tí o fi ṣiṣẹ́ àti iye ìlà tí o yọ, ṣùgbọ́n o kò sọ bí o ṣe mọ ìlà tó yẹ kí o yọ. Jọ̀wọ́, kọ apá ibi tí wọ́n ti ń lẹ àlẹ̀mọ́ síbí, bó ṣe wà nínú fídíò àti bó ṣe kù nínú ohùn.

Ọ̀rẹ́ Kẹ̀kẹ́

Ẹ ṣeun, Sà. Mo jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá mi wá gbogbo gbólóhùn tó ní “wò”, “wo” tàbí “rí” nínú. Mi ò rò pé ó burú, nítorí pé ọ̀rọ̀ ojú ni wọ́n. Èyí ni ti fídíò:

“Ẹ fi sáńpépà ha ojú ihò náà títí yóò fi rí báyìí. Ẹ rí i dájú pé ó gbẹ. Ẹ fi gọ́ọ̀mù pa á láti ibí dé ibí. Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù náà rí báyìí. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó dá túùbù padà, ẹ wo inú táyà yípo.”

Èyí sì ni ti ohùn:

“Ẹ fi gọ́ọ̀mù pa á láti ibí dé ibí. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ̀ ẹ́.”

Bàbá Rédíò

Ìdáhùn rẹ ti wà níbẹ̀. Nínú èdè wa, “rí” àti “wò” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú nìkan. “Ẹ rí i dájú” kò ní í ṣe pẹ̀lú àwòrán, bẹ́ẹ̀ náà ni “ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò”. Ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wá ìlà tí yóò yọ yóò gé ohun tí kò yẹ, yóò sì fi ohun tó yẹ kí ó gé sílẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kí o bi ìlà kọ̀ọ̀kan ni pé: ohun tí a ní kí olùgbọ́ wò yìí, ṣé ọwọ́ rẹ̀ ló wà, àbí inú àwòrán wa? “Ẹ wo inú táyà yípo” kò nílò àwòrán rárá, nítorí táyà tirẹ̀ ni a ní kí ó wò, kí ó lè yọ ìṣó tàbí ẹ̀gún tó lu túùbù náà. O gé e, ẹnì kẹrin sì dá túùbù tó ti lẹ̀ dáadáa padà sórí ìṣó. Ìdí nìyẹn tí tirẹ̀ fi jò lọ́jọ́ kejì.

Ní ti “láti ibí dé ibí”, àwòrán nìkan ló lè sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí “wò” tàbí “rí” nínú rẹ̀, nítorí náà ó yọ́ kọjá. “Báyìí”, “èyí”, “níhìn-ín” àti “apá ibí” ni kí o máa ṣọ́ jù lọ.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. “Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù náà rí báyìí” so mọ́ àwòrán lóòótọ́, o kò ṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwòrán náà ń sọ ni pé kí gọ́ọ̀mù náà gbẹ kí a tó lẹ àlẹ̀mọ́. Nígbà tí o gé ìlà náà, o gé ìdúró náà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn mẹ́ta yẹn lẹ àlẹ̀mọ́ sórí gọ́ọ̀mù tútù, kò sì lè dì mú.

Alátúnṣe

Ṣé ẹ kò gbọ́ ọ kí ẹ tó gbé e jáde ni? Kò yẹ kí ènìyàn máa fi olùgbọ́ dán iṣẹ́ wò. Ẹni tó bá gbọ́ “láti ibí dé ibí” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìsí àwòrán níwájú yóò mọ̀ pé nǹkan kan sọnù.

Ọ̀rẹ́ Kẹ̀kẹ́

Mo gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo ti wo fídíò náà tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí àwòrán rẹ̀ fi ń hàn sí mi lọ́kàn bí ohùn náà ṣe ń lọ. Mi ò lè gbọ́ ohun tó sọnù.

Bàbá Rédíò

Òótọ́ ló sọ, Alátúnṣe. Ẹni tó gé e kọ́ ló lè dán an wò. Ẹni tí kò tíì rí fídíò náà ni kí a gbé túùbù tó jò, sáńpépà, gọ́ọ̀mù àti àlẹ̀mọ́ fún, kí a tan ohùn náà fún un, kí a jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Gbogbo ibi tó bá ti dá ohùn náà dúró tàbí tó bojú wẹ̀yìn ni kí a sàmì sí nínú ìwé ọ̀rọ̀.

Agékúrú

Gbogbo èyí pọ̀ jù. Kí ó fi gbólóhùn kan sí ìparí pé ẹni tí kò bá yé kí ó lọ wo fídíò.

Ìyá Ìbejì

Rárá o. Ẹni tí gọ́ọ̀mù wà ní ìka rẹ̀ kò lè máa wá fídíò kiri, ìdí tó fi yan ohùn nìyẹn. Àti pé ìwọ lo sọ pé kí a kọ gbogbo rẹ̀ fún etí ná. Mo dán ìyẹn wò rí: ẹni tó ń wo fídíò ń gbọ́ tí mo ń ṣàlàyé ohun tó wà níwájú rẹ̀ kedere, ó sì sú u.

Agékúrú

Tí ìlà bá kúrú kò ní í sú u. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Bàbá Rédíò

Agékúrú ní ọ̀nà tirẹ̀ níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ bá pọ̀, ṣùgbọ́n ètò yìí ti wà nílẹ̀ ná. Ọ̀rẹ́ Kẹ̀kẹ́, ṣé ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ lè padà wá sọ gbólóhùn bíi mẹ́wàá tuntun? Ṣé ohùn náà sì wà lọ́tọ̀, àbí orin ti wọnú rẹ̀?

Ọ̀rẹ́ Kẹ̀kẹ́

Èmi ni mo sọ̀rọ̀, Sà. Ọwọ́ ẹnì kejì mi ni ẹ̀ ń rí nínú fídíò. Ilé ni mo ti gba ohùn náà sílẹ̀ lẹ́yìn tí a ti ya àwòrán tán. Ohùn wà lọ́tọ̀, orin wà lọ́tọ̀. Mi ò rò pé ó ṣe pàtàkì kí n sọ ọ́, nítorí “yíyọ” ni a pinnu láti ṣe. Mo sì ń bẹ̀rù pé ohùn tuntun kò ní bá ti tẹ́lẹ̀ mu.

Alátúnṣe

Ó yẹ kí o ti sọ èyí láti òwúrọ̀.

Bàbá Rédíò

Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Má ṣe yọ ìlà lásán mọ́. Padà sí ìwé ọ̀rọ̀ ti fídíò, fa ìlà kan sáàárín ojú ewé, kọ ohun tí ẹnu sọ sápá òsì, kí o sì kọ ohun tí àwòrán nìkan fi hàn sápá ọ̀tún. Ibi tí apá ọ̀tún bá ṣófo, fi ìlà náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ibi tí apá ọ̀tún kò bá ju ohun tí ẹnu ti sọ lọ, bíi “ẹ wo bó ṣe dára”, yọ ọ́. Ibi tí apá ọ̀tún bá ti gbé ẹ̀kọ́ tí kò sí lápá òsì, rọ́pò rẹ̀. Mo rò pé ohun tí o máa yọ kò ní í ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìlà 31 yẹn lọ.

Ní ti ohùn, má ṣe gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti fi dí àlàfo àárín gbólóhùn, nítorí ibẹ̀ ni etí ti ń gbọ́ ojú ìrán. Sọ gbogbo ìpínrọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nínú yàrá kan náà, pẹ̀lú máíkì kan náà, kí ẹnu rẹ jìnnà sí i bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí o tó sọ̀rọ̀, gbọ́ ìpínrọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ létí, kí o lè bá ìyára àti agbára ohùn rẹ lọ. Gba ìdákẹ́ yàrá náà sílẹ̀ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú pẹ̀lú, kí o lè fi sáàárín ìpínrọ̀ méjì. Orin ni kí o tò kẹ́yìn.

Ọ̀rẹ́ Kẹ̀kẹ́

Mo ti tún apá yẹn kọ. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

“Ẹ fi sáńpépà ha ojú ihò náà títí kò fi ní dán mọ́, kí ibi tí ẹ ha fẹ̀ ju àlẹ̀mọ́ lọ ní ìbú ìka kan yípo. Ẹ rí i dájú pé ó gbẹ. Ẹ fi gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa gbogbo ibi tí ẹ ha. Ẹ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, títí gọ́ọ̀mù náà kò fi ní dán bí ohun tútù mọ́, kí ẹ tó tẹ àlẹ̀mọ́ mọ́ ọn. Kí ẹ tó dá túùbù padà, ẹ wo inú táyà yípo, kí ẹ sì yọ ohun tó lu túùbù náà.”

Bàbá Rédíò

Ó dára. Èyí lè wà nínú fídíò náà pẹ̀lú, kò ní í sú ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìbejì

Fi kún un pé kí wọ́n má fi ìka kan ojú gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ náà, nítorí olùgbọ́ kò rí i pé ẹnì kejì rẹ kò fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rẹ́ Kẹ̀kẹ́

Ẹ ṣeun, Mà, ìyẹn kò sọ sí mi lọ́kàn rárá. Ètò márùn-ún mìíràn wà nílẹ̀ tí mo ti fi kọ̀ǹpútà gé bákan náà. Mo ti fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́rin tó kọ̀wé sí wa, n ó sì dá ti bíréèkì dúró lálẹ́ òní kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀lé e.