Ojú ìyá tí ẹ̀rọ yà, tí ọmọ rẹ̀ kò dá mọ̀

Atẹ̀wé Òkè-Fíà

Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kí ẹ̀yin tó ti ṣe irú rẹ̀ rí bá mi dá sí i. Káàdì ìpè àti bánà ni mò ń tẹ̀ ní Òkè-Fíà. Láìpẹ́ yìí, arákùnrin kan wá láti Òkè-Bàálẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú, wọ́n sì ń múra àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ó ní màmá kò ní fótò kan tó ti múra dáadáa, pé kí n bá òun fi ẹ̀rọ àwòrán, èyí tó ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá ya àwòrán tuntun láti inú fótò àti ọ̀rọ̀ tí a bá kọ fún un, yà á níbi tó ti jókòó sórí àga, kó wọ àrán, kó sì fi iyùn sọ́rùn.

Fótò méjì ló kó fún mi. Ọ̀kan jẹ́ ti ìgbéyàwó, màmá wà láàárín obìnrin bí ogún tí wọ́n wọ aṣọ ẹbí. Èkejì, ọmọ-ọmọ wọn ló na fóònù síwájú lálẹ́, tó ya ara rẹ̀ àti ìyá àgbà pọ̀, tí fláàṣì tàn sí wọn lójú.

Ẹ̀rọ parí iṣẹ́, àwòrán náà dán, ó wuyì. Ọkùnrin náà wò ó títí, kò sọ nǹkan kan. Ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, èsì tó sì padà wá kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ta nìyí?" Imú ti tóbi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti tín-ín-rín, pélé mẹ́ta-mẹ́ta tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ màmá ti lọ ráúráú. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún, obìnrin márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jáde. Mo kọ ọ́ fún ẹ̀rọ pé kó fi ilà sí i, ó fi ohun tó dà bí àpá ọ̀bẹ sí i.

Ó dùn mí gan-an, nítorí ọ̀fọ̀ ni. Ṣé fótò tí wọ́n kó wá ni kò dáa ni, àbí èmi ni mi ò mọ bí a ṣe ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀?

Ọmọ Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n, fótò yẹn ni kò mọ́lẹ̀ tó. Ẹ kọ́kọ́ fi í sínú ẹ̀rọ tó ń sọ fótò kékeré di ńlá, kí ẹ tó gbé e fún ẹ̀rọ àwòrán. Mo ṣe ti àbúrò bàbá mi bẹ́ẹ̀, ó jáde kedere, a lè ka irun ojú wọn. Písẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di fótò, ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ìyókù kò tó nǹkan.

Ìyá Aláṣọ Ọjà-Ọba

Ẹ kú iṣẹ́ o. Irú rẹ̀ ṣe èmi náà. Fótò pélébé tí mo yà fún káàdì ẹgbẹ́ wa, ojú mi dúdú bí èédú, bẹ́ẹ̀ mo pupa. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní íńkì ló ń tán lọ. Ẹ yẹ íńkì yín wò, ọmọ mi, bóyá òun náà ló jẹ ilà màmá yẹn.

Atẹ̀wé Òkè-Fíà

Ẹ ṣé, Màmá. Ti íńkì kọ́ ni tèmi, n kò tíì tẹ̀ ẹ́ rárá. Lójú kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ni ojú ti yí padà. Àmọ́ ti yín yẹn lè jẹ́ pé ògiri funfun tàbí ferese wà lẹ́yìn yín nígbà tí wọ́n ń yà yín. Kámẹ́rà á wo ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn, á sì mú ojú ṣókùnkùn.

Afọ̀tò Ìgbónà

Mo ti ń ya fótò láti ayé fíìmù, mo sì ti lo ẹ̀rọ àwòrán yìí fún oníbàárà púpọ̀. Atẹ̀wé, má dá ara rẹ lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ tí o kọ. Àwọn fótò yẹn gan-an ni ká wò.

Mú ti ìgbéyàwó. Fótò náà lè tóbi, àmọ́ kì í ṣe bí fótò ṣe fẹ̀ tó ni ẹ̀rọ ń lò, bí ojú ẹni náà ṣe fẹ̀ tó nínú rẹ̀ ni. Ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, kí o fi ìlà yí ojú màmá ká, kí o wo iye písẹ́lì tó jẹ́. Láàárín ogún ènìyàn, nínú fótò tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù, bí ojú kan bá fẹ̀ tó 90, ó gbìyànjú. Ojú àgbàlagbà fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 14. Ìbú ilà pélé kan kò ju mílímítà 3 lọ. Bí o bá ṣírò rẹ̀, ilà kan kò ju písẹ́lì 2 lọ níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, bíi Stable Diffusion, máa ń ká písẹ́lì 8 ní ìbú àti 8 ní òró pọ̀ sí ojú ẹyọ kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilà tó jẹ́ písẹ́lì 2 ti rì sínú rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó la ojú. Kò rí i rárá, kì í ṣe pé ó rí i tó wá pa á rẹ́.

Ti fláàṣì wá ńkọ́? Ìdí méjì ló fi bàjẹ́. Èkíní, ọmọ náà na ọwọ́, fóònù kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40 lọ sí imú ìyá àgbà. Etí fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12 wà lẹ́yìn imú, ìyẹn 52. Ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà ló ń tóbi, nítorí náà imú á fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá tóbi ju bó ṣe yẹ lọ sí etí. Bí o bá sún sẹ́yìn dé mítà 2, á di 200 sí 212, ìyàtọ̀ náà kò ní ju ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé fóònù sún mọ́ ọn jù. Ó gbà pé bí imú màmá ṣe rí nìyẹn, ó sì gbé imú ọ̀hún sórí ẹni tó jókòó sọ́ọ̀ọ́kán lórí àga. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi tín-ín-rín.

Èkejì ni ìmọ́lẹ̀. Kòtò kékeré ni ilà jẹ́ lára awọ. Òjìji inú kòtò yẹn ni ojú wa fi ń mọ̀ ọ́n. Fláàṣì iwájú wọ inú kòtò náà tààrà, ó kún un, òjìji kò sí mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ferese láàárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan, wàá rí pélé bí ẹni fi pẹ́ńsù fà á. Oòrùn ọ̀sán gangan kò dáa o. Ó ń ti òkè tàn, ihò ojú á ṣókùnkùn, ẹ̀rọ á sì fi ọdún mẹ́wàá kún ọjọ́ orí ẹni.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ písẹ́lì tí o sọ tọ̀nà, àmọ́ oògùn tí o fún un léwu. Ẹ̀rọ tó ń sọ fótò kékeré di ńlá kì í wá ohun tó sọnù rí. Ó ń ro ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ láti inú ojú tó ti kọ́ tẹ́lẹ̀ ni. Ní 2020, wọ́n fi fótò Barack Obama tó ti di písẹ́lì ńláńlá sínú irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní PULSE, tó wá láti Yunifásítì Duke. Òyìnbó aláwọ̀ funfun ló gbé jáde. Irun ojú àbúrò bàbá rẹ tí o ń kà yẹn, ṣé ó dá ọ lójú pé tiwọn ni?

Ọmọ Kọ̀ǹpútà

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àbúrò bàbá mi ní àpá kékeré lókè ìpéǹpéjú òsì. Kò sí nínú èyí tó dán. N kò tilẹ̀ ṣàkíyèsí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Kámẹ́rà iwájú fóònù ńkọ́? Tèmi máa ń fi òsì ṣe ọ̀tún.

Afọ̀tò Ìgbónà

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Fún ẹni tó ní pélé lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, a lè má tètè mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìbààmú, tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń wà, ará ilé á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Wo lẹ́tà tó wà lára aṣọ tàbí ògiri nínú fótò náà. Bó bá ń kà sẹ́yìn, yí i padà kí o tó lò ó.

Olùkọ́ Ọ̀nà Ìbòkun

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ kò yanjú tèmi. Bàbá mi ṣì wà láyé, mo yà wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ferese ní mítà 2, iwájú kan, ìdajì ọ̀tún kan, ìdajì òsì kan. Ojú wọn nìkan ju písẹ́lì 900 lọ. Imú bọ́ sí i, etí bọ́ sí i. Àmọ́ àbàjà wọn, nígbà kan ó di mẹ́rin, nígbà kan ó di méjì, nígbà mìíràn ẹ̀rọ sọ ọ́ di ìhunjọ awọ. Lójú tèmi, ilà kò pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà, kò mọ̀ pé ohun tí a ń kà níye ni. Mo wá fi ọwọ́ fà á lé e lórí, bàbá sì ní òun ni. Ṣé ìyẹn bójú mu, àbí mo ti ń purọ́?

Afọ̀tò Ìgbónà

Ayé fíìmù, a máa ń fi pẹ́ńsù tún nẹ́gátíìfù ṣe. Níwọ̀n ìgbà tí o bá kà á láti ara fótò gidi, n kò ka ìyẹn sí irọ́. Bí o bá fà á láti inú orí, mi ò mọ̀ o.

Ìyá Aláṣọ Ọjà-Ọba

Èmi kò gbà. Ẹni tó kú kò sí níbẹ̀ láti sọ pé ilà òun kọ́ nìyẹn. Ẹ fi fótò rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Atẹ̀wé Òkè-Fíà

Màmá, ó jọ pé ẹ̀yin lẹ jàre lápá kan. Mo pe arákùnrin náà pé kó bá mi wá fótò tí ẹnì kan dúró jìnnà yà. Ó rí ẹyọ kan nínú àpò tí màmá kó ìwé Háájì wọn sí, pélébé ti ìwé ìrìnnà, tí wọ́n yà ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú wọn lórí rẹ̀ kò ju mílímítà 20 ní ìbú. Mo fi sikánà kà á ní 600 dpi, ìyẹn písẹ́lì 600 nínú íǹṣì kan, ojú nìkan wá fẹ̀ tó nǹkan bí písẹ́lì 470. Mo sún un sókè, pélé kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 10. Agboòrùn iná afọ̀tò náà wà lápá ọ̀tún, òjìji ilà hàn kedere.

Mo tún un ṣe pẹ̀lú ìyẹn nìkan, mo kó ti ìgbéyàwó àti ti fláàṣì kúrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá sí ìsọ̀ fúnra rẹ̀. Ó wò ó, ó jókòó. Ó ní, "Màmá ni. Ojú wọn ni. Àmọ́ ẹnu wọn kò rí báyìí." Mo wò ó padà. Màmá pa ẹnu dé nínú fótò pélébé, èmi sì ti sọ fún ẹ̀rọ pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Eyín tí kò ní àlàfo ló kó síbẹ̀, ó tò gún régé. Èéjí ni màmá ní, kò sì sí ibi tí ẹ̀rọ ti lè rí i. Mo sọ pé kí wọ́n pa ẹnu dé, ó sàn jù.

Ní ọjọ́ kẹjọ, fótò pélébé yẹn gan-an la tẹ̀ sórí bánà, láìfi nǹkan kan kún un. Ti orí àga ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìbátan wọn kan ní Ìràgbìjí ní fótò ìkómọ, níbi tí màmá ti ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi, lọ́sàn-án. Mo ti sọ fún un pé kó má fi fóònù ya fótò náà, kó gbé e wá fúnra rẹ̀.