Ṣé ìlérí ẹnu tí onílé ṣe kí a tó buwọ́ lùwé ṣì lè dè é?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin àdéhùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ayálégbé kan gba ṣọ́ọ̀bù ọdún 5 ní Lọ́ńdọ̀nù. Kó tó buwọ́ lùwé, onílé sọ lójú ẹlẹ́rìí 2 pé òun ò ní gba owó ìtọ́jú ilé fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìpín 27 ní inú ìwé yìí ni gbogbo àdéhùn wà; ìpín 28 ní kò sí àyípadà àfi èyí tí a kọ, tí a sì buwọ́ lù. Onílé ti wá ń béèrè owó náà.

Lójú tèmi, ìpín 28 kọ́ ni wàhálà. Lóòótọ́, ẹjọ́ MWB ti 2018 fi àṣẹ sí irú ìpín bẹ́ẹ̀, àmọ́ àyípadà tó wáyé lẹ́yìn ìbuwọ́lùwé ló kàn. Ìpín 27 ló dínà. Nínú ẹjọ́ Mudd ti 1959, ìlérí ẹnu pé ayálégbé lè máa sùn nínú ṣọ́ọ̀bù borí ohun tó wà nínú ìwé, nítorí kọ́ọ̀tù kà á sí àdéhùn mìíràn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ Inntrepreneur ti 2000 ní irú ìpín 27 ń pa àdéhùn ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí: ìpín 27 ò sọ pé ayálégbé ò gbára lé ọ̀rọ̀ onílé. Ṣé a lè gba ọ̀nà ẹ̀tàn wọlé, pé onílé ò ní in lọ́kàn rárá láti mú ìlérí náà ṣẹ? Ẹ̀rí wo ni kọ́ọ̀tù ń gbà fún ìyẹn, yàtọ̀ sí ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí?