Báwo ni ìṣirò kékeré ṣe lè fi hàn pé K5 kò ṣeé yà láìjẹ́ kí ìlà gba orí ara wọn kọjá?

Akẹ́kọ̀ọ́ Gíráàfù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí n fi kókó 5 sórí bébà, kí n so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ mẹ́rin yòókù, kí ìlà kankan má sì gba orí òmíràn kọjá. Èyí ni gíráàfù K5, ìlà rẹ̀ sì jẹ́ 10. Mo ya onígun mẹ́ta A, B, C, mo fi D sí àárín rẹ̀, mo sì so ó mọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí mo bá fi E sí àgbègbè tí A, B àti D yí ká, kò lè dé C láìgé ìlà kan kọjá. Bí mo bá sì mú un síta, kò ní lè dé D. Ṣùgbọ́n ẹlẹgbẹ́ mi ní èyí kì í ṣe ẹ̀rí, pé ìlà lè wọ́, pé ó sì lè jẹ́ èmi ni n kò tíì rí ọ̀nà. Ìwé mi kàn kọ V − E + F = 2, ó sì parí ọ̀rọ̀. Báwo ni ìyẹn ṣe lè kan àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò tíì yà?

Afàwòrándárà: Ó mà ṣeé yà! Bẹ̀rẹ̀ láti A, lọ sí B, C, D, E, padà sí A, lẹ́yìn náà lọ sí C, E, B, D, kí o sì padà sí A. Ìlà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé, o kò sì gbé kálàmù rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Gíráàfù: Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ìlà gba orí ìlà nínú ìyẹn. Gbígbé kálàmù kọ́ ni mo ń béèrè.

Olùkọ́ Ìṣirò: Jẹ́ kí á gbà pé ẹnì kan gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wá, bó ti wù kí ìlà rẹ̀ wọ́ tó. V ni iye kókó, E inú òfin yìí ni iye ìlà, kì í ṣe kókó E rẹ, F sì ni iye àgbègbè tí àwọn ìlà pín bébà sí, títí kan àgbègbè ìta, èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé. Bí kókó kan ṣoṣo bá wà lórí bébà, 1 − 0 + 1 jẹ́ 2. Ìlà tí o bá fi kún un lè lọ sí kókó tuntun, V àti E yóò sì jọ fi ẹyọ kan pọ̀ sí i. Tàbí kí ó so kókó méjì tó ti so pọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó sì la àgbègbè kan sí méjì, tí E àti F yóò fi jọ pọ̀ sí i. Nínú méjèèjì, 2 náà kò yẹ̀, ìdí nìyí tí wíwọ́ ìlà kò fi já mọ́ nǹkan kan.

Fún K5, 5 − 10 + F = 2, nítorí náà F gbọ́dọ̀ jẹ́ 7. Àgbègbè kankan kò lè ní ìlà tó dín sí mẹ́ta yí ká, nítorí ìlà kan ṣoṣo ló so kókó méjì èyíkéyìí, ìlà kankan kò sì padà sórí kókó tó ti wá. Àgbègbè 7 ń béèrè ó kéré tán ẹ̀gbẹ́ ìlà 21. Ṣùgbọ́n bí ògiri tó wà láàárín yàrá méjì, ẹ̀gbẹ́ méjì péré ni ìlà kan ní, ìlà 10 kò sì ní ju ẹ̀gbẹ́ 20 lọ. Ẹyọ kan ló dín, ẹyọ kan yẹn sì tó. Yọ ìlà kan kúrò: F di 6, ẹ̀gbẹ́ 18 tí wọ́n nílò sì wà ní pípé, ó sì ṣeé yà lóòótọ́.

Ìyá Ọlọ́gbọ́n: Ìyẹn ni pé òfin E ≤ 3V − 6, tí 3F ≤ 2E àti V − E + F = 2 jọ bí, ti yanjú gbogbo rẹ̀. Gíráàfù tó bá tẹ̀ lé e ṣeé yà, èyí tí kò bá tẹ̀ lé e kò ṣeé yà.

Olùkọ́ Ìṣirò: Apá kejì tọ̀nà, mà, bí kókó bá ti tó 3. Apá kìn-ín-ní ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú K5 yìí kan náà, kí ẹ so kókó kẹfà mọ́ A nìkan. V di 6, E di 11, 3V − 6 sì jẹ́ 12. Ó tẹ̀ lé òfin, síbẹ̀ K5 ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì ní ṣeé yà láéláé.

Ìyá Ọlọ́gbọ́n: Ó yé mi wàyí. Ṣé a wá lè mọ èyí tó ṣeé yà láìyà á?

Olùkọ́ Ìṣirò: Ó ṣeé ṣe, mà. Onímọ̀ ìṣirò Kuratowski fi hàn ní 1930 pé gíráàfù tí kò bá ṣeé yà gbọ́dọ̀ ní K5 nínú, tàbí kókó 3 tí a so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ gbogbo kókó 3 mìíràn, bí àwọn kókó kan tilẹ̀ jókòó sórí àwọn ìlà wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Gíráàfù: Mo ka ìdáhùn yín fún ẹlẹgbẹ́ mi. Ó gbà pé 21 kò lè wọ inú 20, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ẹ ti sọ pé ìlà "la àgbègbè sí méjì" ni kò dá òun lójú, pé ta ló sọ pé ìlà tó wọ́ kọjá àlà gbọ́dọ̀ pín bébà?

Olùkọ́ Ìṣirò: Ibẹ̀ gan-an ni ó fọwọ́ bà. Òfin tí a ń pè mọ́ Jordan ni mo gbẹ́kẹ̀ lé níbẹ̀, pé ìlà tó yípo padà sórí ara rẹ̀ láìgé ara rẹ̀ kọjá ní inú àti òde. Bí àwọn ìlà bá jẹ́ ègé ìlà gbọọrọ tí a so pọ̀, ẹ̀rí rẹ̀ kúrú. Kí ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Fún ìlà tó wọ́ bó ṣe wù ú, ẹ̀rí náà gùn ju K5 fúnra rẹ̀ lọ.