Ìrẹsì, ẹ̀wà, ọbẹ̀ ata kan: kí ni ká fi ṣe ìkẹta?
Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbẹ́ gáréèjì ni ìsọ̀ oúnjẹ mi wà, n'Íkòròdú níbí. Ìkòkò ọbẹ̀ ata kan ṣoṣo ni mò ń sè fún ìrẹsì kóńgò mẹ́rin àti ẹ̀wà méjì, kí gáàsì má baà pọ̀. Ìrẹsì kì í ṣẹ́kù. Ẹ̀wà ló ń yọ mí lẹ́nu: tí wọ́n bá dé e pa nígbà tó ṣì gbóná, omi ara ìdérí á máa kán sínú rẹ̀, tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń hó, ó ti kan.

Ṣé kí n dín ẹ̀wà kù sí kóńgò kan àbọ̀, kí n fi dòdò kún un? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rọ̀ jù sì máa ń mu òróró. Ẹ̀bà yá tà lọ́sàn-án, àmọ́ ó fẹ́ ewédú tàbí ẹ̀gúsí, ìkòkò kejì nìyẹn. Èwo lẹ máa mú?