Ẹ̀rọ ń dá síívì mi padà kí n tó sùn: níbo ni kí n ti tún un kọ?

Ọmọ Owé, Kábà
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ni mò ń wá, iṣẹ́ ẹni tó ń ka ọjà tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, ní Àbújá tàbí Èkó. Mo ti ṣe é ní ilé ìtajà òògùn kan níbí ní Kábà, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta 2021 títí di ìparí oṣù kejì 2024. Ohun tí kò yé mi ni bí èsì ṣe ń yá tó. Alẹ́ ni mo máa ń fi ìwé ránṣẹ́ torí ìgbà yẹn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dára. Kí n tó fọ ẹsẹ̀ wọlé sùn, ímeèlì ti dé pé wọ́n dúpẹ́, àmọ́ wọn ò ní lè gbà mí. Ta ló ka síívì yẹn lóru? Àwọn míì sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí wọ́n tó fèsì kan náà.

Síívì náà dára lójú o. Ọmọkùnrin kan ní kàfé ló fi Canva ṣe é fún mi. Apá òsì jẹ́ aláwọ̀ ewé, fọ́tò mi àti àwọn nǹkan tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ló wà níbẹ̀; ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ wà lápá ọ̀tún. Mo fẹ́ tún un kọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀
Ọmọ mi, òkun. Ta ní ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀gá lóru? Àárọ̀ ni kó o fi ránṣẹ́, kó bá wọn nídìí tábìlì. Tàbí kó o tiẹ̀ mú un lọ fúnra rẹ. Ọmọ àbúrò mi gbé tirẹ̀ lọ sẹ́nu géètì ní Ọbájánà, wọ́n pè é kí ọdún tó parí.

Délé Ìsánlú
Bàbá, ẹ̀rọ ni, kò mọ àárọ̀ mọ alẹ́. Kò séèyàn kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìpolówó iṣẹ́ ló ń wá nínú síívì rẹ. Kọpí gbogbo ìpolówó náà, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ síívì, kó o sọ lẹ́tà rẹ̀ di funfun kójú má rí i. Ẹ̀rọ á rí i.

Àǹtí Ìyàrá
Délé, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n lẹ́tà funfun yẹn á dójú tì í. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń gbani síṣẹ́ ní Àbújá. Ẹ̀rọ á bó àwọ̀ kúrò lára ìwé náà, gbogbo ẹ̀ á sì jáde ní dúdú níwájú ẹni tó ń kà á.

Àbúrò, ọ̀tọ̀ ni èsì tó ń yá, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń pẹ́. Èyí tó dé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ṣòro kó jẹ́ síívì ló fà á. Ìbéèrè orí fọ́ọ̀mù ni mo fura sí: ìlú wo lò ń gbé, ọdún mélòó lo ti fi ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣé o ti sin ìlú, eélòó lo fẹ́ gbà. Èèyàn ló jókòó tó sọ fún ẹ̀rọ pé ẹni tó bá dáhùn báyìí, dá a padà. Tó o bá tún síívì yẹn kọ títí di ọ̀la, èsì náà ò ní yí padà. Kí lo máa ń mú níbi ọdún iṣẹ́?

Èyí tó ń pẹ́ ni ti síívì. Níbi tí mo wà, ìwé máa ń pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà lọ, a kàn máa ń tẹ orúkọ iṣẹ́ náà tàbí Excel sínú àpótí ìwákiri. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn ò bá sí nínú ìwé rẹ̀ kò ní jáde. Kì í ṣe pé a kọ̀ ọ́, a ò rí i ni. Ṣí PDF rẹ, yan gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kọpí rẹ̀ sínú Notepad, kó o gbé ohun tó o bá rí wá síbí.

Ọmọ Owé, Kábà
Àǹtí, ẹ wo nǹkan:

```
Excel Store Keeper
Stock count Pharmacy shop, Kabba
Yoruba, English Mar 2021 -
Driving Feb 2024
```

Apá òsì àti apá ọ̀tún ti wọnú ara wọn! Nọ́ńbà fóònù mi tí ọmọ kàfé ṣe bí àwòrán lókè, kò sí níbẹ̀ rárá. Ní ti ọdún iṣẹ́, fọ́ọ̀mù máa ń ní kí n mú 1–2 tàbí 3–5. Mo máa ń mú 1–2, torí mi ò lo 2024 tán.

Àǹtí Ìyàrá
Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta 2021 sí ìparí oṣù kejì 2024, ọdún mẹ́ta géérégé nìyẹn. 3–5 ni tìrẹ. Ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ ti lé ọ dànù níbi púpọ̀.

Fi Canva sílẹ̀. Fi Word kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, má pín ojú ewé sí méjì, má ṣe tébù, má fi fọ́tò sí i. Kọ nọ́ńbà àti ímeèlì rẹ bí ọ̀rọ̀ lásán sábẹ́ orúkọ rẹ. Kí ni ọ̀gá rẹ ń pè ọ́ níbi iṣẹ́, kí lò ń ṣe gan-an?

Ọmọ Owé, Kábà
“Sélísì gẹ̀ẹ́lì” ni wọ́n ń pè mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n Store Keeper ló wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí. Oríṣi òògùn tó tó irínwó ni mò ń tọ́jú. Mo máa ń kà wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, máa kọ ọ́ sí báyìn káàdì, máa wá tẹ̀ ẹ́ sí Excel. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé ni mo máa ń kó jáde ṣáájú.

Délé Ìsánlú
Inventory Officer ni ìpolówó ń wá. Yí orúkọ iṣẹ́ yẹn padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Àǹtí Ìyàrá
Wọ́n á mọ̀, wọ́n máa ń pe ọ̀gá àtijọ́. Fi Store Keeper sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá wà nínú àlàyé iṣẹ́ tó o ṣe lóòótọ́. Ti àkọ́kọ́ yìí lo fi ránṣẹ́ sí mi; èkejì ni mo bá ọ tò láti inú ohun tó o sọ:

```
Responsible for the store.

Managed inventory of about 400 drug lines: weekly count,
bin cards, Excel. Issued earliest expiry first.
```

Tó o bá gbé e sórí fọ́ọ̀mù tó ń kún ara rẹ̀, má yára tẹ̀ ẹ́ lọ. Wo ohun tó kọ sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹ̀rọ rí kà nìyẹn. Tí Kábà bá lọ bọ́ sí ibi orúkọ ilé-ìwé, ìwé náà ò tíì tò.

Ìyá Mọ̀pà
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ti àwọn tíṣà náà ń gba báyìí? Ọmọ mi obìnrin ti ń retí látọdún tó kọjá.

Ọmọ Owé, Kábà
Mo ti tún un kọ, ẹ ṣeun. Fọ́ọ̀mù kún ara rẹ̀ dáadáa, oṣù nìkan ni mo tún tẹ̀. Ti Èkó kan ṣì dá mi padà kójú tó mọ́, ibi tí wọ́n ti bi mí bóyá Èkó ni mò ń gbé. Àmọ́ ti Àbújá kan ti kọ̀wé pé kí n wá ṣe ìdánwò Excel lórí ẹ̀rọ.

Délé Ìsánlú
Ṣé o ò ní ẹbí l'Ékòó ni? Kọ àdírẹ́sì wọn sí i.

Ìyá Mọ̀pà
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n pè é nírọ̀lẹ́ pé kó wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mọ̀pà ló wà!

Àǹtí Ìyàrá
Èmi ò ní sọ pé kó purọ́. Àmọ́ mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe é pọ̀, wọ́n sì ti gba àwọn kan nínú wọn. Níbi tí fọ́ọ̀mù bá ti béèrè bóyá o lè kó lọ, tó o bá lè kó lọ lóòótọ́, ìyẹn ni kó o dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí.

Ní ti ìdánwò, nǹkan tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni sítọ́ọ̀ ni iye inú ìwé àti iye tí wọ́n kà lójú, pé kó wá ibi tí wọn ò ti dọ́gba. Tí orúkọ òògùn bá wà ní A, tí iye inú ìwé wà ní B, tí èyí tí wọ́n kà wà ní C:

```
=C2-B2
=SUMIF(A:A,"Paracetamol",C:C)
```

Èyí tí àmì ìyọkúrò bá jáde ní ìlà àkọ́kọ́, ọjà ti dín nìyẹn. Ìlà kejì á ro gbogbo ibi tí Paracetamol ti fara hàn pọ̀. Kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ òògùn, torí tí àlàfo kan bá wà lẹ́yìn Paracetamol níbì kan, Excel ò ní kà á mọ́ ọn.