Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè bá mi tú ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù àti Jákọ́bù yìí?

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti tojú sú mi o. Àwọn méjèèjì fa ẹsẹ kan náà yọ, Jẹ́nẹ́sísì 15:6, pé Ábúráhámù gba Ọlọ́run gbọ́, a sì kà á sí òdodo fún un. Pọ́ọ̀lù ní Róòmù 4 ní iṣẹ́ ò sí níbẹ̀ rárá, torí ẹni tó bá ṣiṣẹ́, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni wọ́n san fún un, kì í ṣe oore-ọ̀fẹ́, ó tiẹ̀ tún fi kún un pé wọn ò tíì kọ Ábúráhámù nílà nígbà yẹn. Jákọ́bù 2 wá gbé ẹsẹ yẹn lọ síbi tí Ábúráhámù ti fẹ́ fi Ísáákì rúbọ ní Jẹ́nẹ́sísì 22, ó ní ibẹ̀ ló ti ṣẹ, iṣẹ́ la fi ń dáni láre, kì í ṣe ìgbàgbọ́ nìkan.

Mo kọ́kọ́ gbà pé òfin Mósè ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí, pé Jákọ́bù ní tiẹ̀ ń sọ ti ká fún ẹni tó wà níhòhò láṣọ. Ó bọ́gbọ́n mu, àfi ìgbà tí mo dé Títù 3:5 tó ní kì í ṣe nípa iṣẹ́ òdodo tá a ṣe, kò sì dárúkọ òfin kankan níbẹ̀. Pásítọ̀ kan ní èso ìgbàgbọ́ lásán ni iṣẹ́, Éfésù 2:10 sì gbè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n dídá láre ni Jákọ́bù sọ, kò sọ̀rọ̀ èso.

Ṣé ìdáláre ti Jẹ́nẹ́sísì orí 15 náà ló wá fojú hàn ní orí 22, àbí òmíì ni, kí ló sì wà nínú Jákọ́bù 2 fúnra ẹ̀ tó fi hàn bẹ́ẹ̀?