Àmù ọ̀sọ̀rọ̀, ibùwọ̀ àgbàrá: kí la ó pe tánkì méjèèjì?

Olùtúmọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé iṣẹ́ fún ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n fẹ́ kọ́ ní Ìbàdàn. Òrùlé rẹ̀ gùn ní 80 mítà, ó fẹ̀ ní 50. Tánkì méjì ló wà nínú ìwé náà. Ọ̀kan á máa gba òjò tí wọ́n á fi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èkejì ò ní jẹ́ kí omi òrùlé ya lu gọ́tà ìgboro lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pe ti àkọ́kọ́ ní "tánkì ìkórè òjò", mo pe èkejì ní "tánkì ìdádúró omi". Ṣé ó bọ́ sí i? Àbí orúkọ kan lè kó méjèèjì?

Olùkọ́ èdè: Ọmọ mi, "ìkórè" kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó gbin nǹkan ló ń kórè rẹ̀. Àwọn ìyá wa ń gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè gba òjò, a sì ti ní àmù nílé tẹ́lẹ̀. "Àmù ọ̀sọ̀rọ̀" tó fún mi, nítorí ó sọ ibi tí omi náà ti wá. "Ìdádúró" dára fún èkejì, kò sí wàhálà níbẹ̀.

Onímọ̀ omi: Bàbá, mo fara mọ́ àmù ọ̀sọ̀rọ̀. "Ìdádúró" ni mi ò lè gbà, nítorí á ṣi àwọn tó ń kọ́ ilé náà lọ́nà. Omi kì í dúró nínú èkejì yìí. Kíkún là ń fẹ́ kí àmù wà. Òfìfo ló yẹ kí èkejì wà nígbà tí òjò bá ṣú. Ó máa ń gba omi wọlé kíákíá, á sì tú u jáde díẹ̀díẹ̀ láti ihò kékeré kan.

Ẹ jẹ́ ká fi òrùlé yín wò ó. Òjò mìlímítà kan lórí ibi tó jẹ́ mítà kan níbùú àti lóòró jẹ́ lítà kan. Bí 60 mìlímítà bá rọ̀ láàárín wákàtí kan, òrùlé yẹn á gba 240,000 lítà. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá fún èyí tó ta dànù àti èyí tó gbẹ sára páànù, ó ku 216,000. Ká ní wọ́n ti sọ pé omi tó ń jáde sí gọ́tà ìgboro kò gbọ́dọ̀ ju 10 lítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú wákàtí yẹn, 36,000 lítà á jáde, 180,000 á sì máa wá ibi tí yóò wọ̀ sí.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró sí. Ẹ wo òjò mìíràn tó fi wákàtí mẹ́ta rọ 90 mìlímítà. Kò le tó ti àkọ́kọ́, síbẹ̀ 324,000 lítà wọlé, 108,000 jáde, 216,000 ṣẹ́ kù. Bó bá wá jẹ́ 100 mìlímítà ní wákàtí mẹ́fà, 360,000 wọlé, 216,000 jáde, 144,000 péré ló kù. Òjò oníwákàtí mẹ́ta ló pinnu bí tánkì yìí ṣe máa tóbi tó. Mo kàn fi òǹkà òjò wọ̀nyí ṣàpẹẹrẹ ni. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an gbọ́dọ̀ lo èyí tí wọ́n wọ̀n ní Ìbàdàn.

Nítorí náà, "ibùwọ̀ àgbàrá" ni mo mú wá. Àlejò ni omi inú rẹ̀: ó wọ̀ síbẹ̀, ó sì ń lọ.

Ará London: Ẹ kú àlàyé o. Iṣẹ́ gọ́tà àti páìpù ni mò ń ṣe níbí. Ní ti àmù, ìlànà tí à ń tẹ̀ lé kò le: ẹ wo iye omi tí ẹ máa lò lọ́dún àti iye tí òrùlé máa mú wá, kí ẹ mú ìdá 5 nínú 100 èyí tó bá kéré jù. Bí 200 òṣìṣẹ́ bá ń lo 40 lítà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, 2,920,000 lítà ni lọ́dún. Òjò Ìbàdàn á mú jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tánkì 146,000 lítà ti tó, wàhálà ti parí. Ẹ tún lè fi tánkì kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjèèjì, kí orúkọ sì jẹ́ ọ̀kan.

Onímọ̀ omi: Ìṣirò yín péye, àbúrò, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ London ló wà nínú ìlànà yẹn. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀ jálẹ̀ ọdún, àmù tó gba omi ọjọ́ 18 kò ní gbẹ púpọ̀. Níbí, láti àárín oṣù Kọkànlá títí dé àárín oṣù Kẹta, òjò tó nítumọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Ọgọ́fà ọjọ́ nìyẹn, 8,000 lítà lóòjọ́: 960,000 lítà. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó gbẹ́ irú kòtò bẹ́ẹ̀. 146,000 á gbé wọn la àsìkò òjò já, kànga ẹlẹ́rọ á sì gba iṣẹ́ nígbà ọyẹ́. Kí ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀ gbangba, kí onílé má baà rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ lóṣù Kejì.

Ti tánkì kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe, àmọ́ ìpín méjì ni yóò ní. Ìsàlẹ̀ jẹ́ àmù, 146,000. Òkè jẹ́ ibùwọ̀, ó kéré tán 216,000. Ihò ìjáde á wà ní ààlà àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ka gbogbo rẹ̀ sí ọ̀kan ti ta ibùwọ̀ rẹ̀ fún àmù.

Màmá Abẹ́òkúta: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi yìí ṣeé mu? Páànù ṣọ́ọ̀ṣì wa ti dípẹtà, a sì máa ń da òjò àkọ́kọ́ nù. A ṣe tánkì ńlá kan lọ́dún tó kọjá, gbogbo wa ń dunnú pé ó kún. Òjò ńlá kan rọ̀ lóru, omi ya lórí tánkì, ó wó ògiri aládùúgbò wa. Ẹni tó ṣe é fún wa ti sọ pé kò ní sí àgbàrá mọ́.

Onímọ̀ omi: Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ti mímu, ẹ má mu ún láìsẹ́, láìsè. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ là ń sọ níbí. Ti ògiri yẹn, tánkì yín ti kún kí òjò tó dé, kò sì sí àyè fún lítà kan. Àmù ni ẹ ní, ẹ ò ní ibùwọ̀.

Olùtúmọ̀: Báwo ni ihò náà ṣe máa fẹ̀ tó? Ìwé náà kọ àgbékalẹ̀ kan síbẹ̀.

Onímọ̀ omi: Èyí ni:

```
Q = Cd × A × √(2 × g × h)
```

`Q` ni iye omi tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, `A` ni ìwọ̀n ojú ihò, `g` ni òòfà ilẹ̀, 9.81, `h` ni bí omi ṣe ga tó lórí àárín ihò, `Cd` sì ni òǹkà tó ń dín ìjáde kù nítorí bí omi ṣe ń fún pọ̀ lẹ́nu ihò. Bí omi ibùwọ̀ bá ga ní 1.5 mítà lórí àárín ihò, tí `Cd` jẹ́ 0.6, ihò tó fẹ̀ ní 63 mìlímítà á tú 10 lítà jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀rá omi kan lè dí i, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì ní láti wà níwájú rẹ̀. Ìgbà tí ibùwọ̀ bá kún nìkan ló sì ń dé 10. Bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dínkù. Nítorí èyí, 216,000 á kéré, àyàfi tí wọ́n bá ra ohun èlò tó ń mú ìjáde dọ́gba. Bí òjò bá dá lálẹ́, nǹkan bíi wákàtí 12 ló yẹ kí ibùwọ̀ fi gbẹ. Bí omi bá ṣì ga níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ihò ti dí.

Olùkọ́ èdè: Ọ̀rọ̀ yín ti mú mi kúrò lórí "ìdádúró". Síbẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ "ibùwọ̀", ilé ìtura ló máa rò. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un: nǹkan oníjà ni, pípẹ̀tù là ń pẹ̀tù sí i. Ẹ pè é ní "apẹ̀tù-ságbàrá".

Ará London: Ó gùn jù láti kọ sára àwòrán ilé, Bàbá.

Onímọ̀ omi: Àwọn tó ń gbẹ́ kòtò á pè é ní "tánkì àgbàrá", ohun yòówù tá a bá kọ. Èmi ṣì dúró lórí ibùwọ̀.

Olùtúmọ̀: Màá lo "àmù ọ̀sọ̀rọ̀" àti "ibùwọ̀ àgbàrá" nínú ẹ̀dà tí mò ń fi ránṣẹ́ sí wọn, màá sì kọ ti Bàbá sí ẹ̀gbẹ́ kí ayàwòrán-ilé fúnra rẹ̀ mú. Ó ku ohun kan: nẹ́ẹ̀tì tí ẹ dárúkọ, ṣé "ajọ̀" ni tàbí "asẹ́"?